Mo yí nẹ́mùsáfà padà: sáìtì ṣí lórí fóònù mi, kò ṣí ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé kí n ṣì máa dúró ni?

Ìyá_Àdìrẹ · Àbámẹ́ta, 9:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, mo sì ní sáìtì kan tí àwọn oníbàárà ti máa ń wo ọjà kí wọ́n tó pè mí. Ó ti pé ọdún 3 tí mo ti ra orúkọ rẹ̀, .com ni. Àwọn tó ń gba sáìtì náà sílé tẹ́lẹ̀ ń fi owó lé owó, ni mo bá kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tuntun fún mi ní nẹ́mùsáfà 2, ìyẹn sáfà tó ń sọ ibi tí sáìtì wà, wọ́n ní kí n lọ fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ níbi tí mo ti ra orúkọ. Mo ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí aago 2 ọ̀sán.

Lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì rẹ̀, sáìtì àtijọ́ ṣì ń ṣí lórí wáìfáì ṣọ́ọ̀bù. Láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni kò ti ṣí mọ́ rárá, àtijọ́ kò ṣí, tuntun kò ṣí. Ohun tí Chrome ń kọ ni `ERR_NAME_NOT_RESOLVED`. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa wáìfáì, tí mo tan dátà fóònù mi, sáìtì tuntun á ṣí kedere! Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kò ṣí fún òun. Àwọn tuntun ní kí n dúró wákàtí 48. Ó kọjá, wọ́n ní kí n sọ ọ́ di 72. Àwọn oníbàárà ti ń bi mí bóyá mo ti kógbá wọlé. Ṣé kí n ṣì máa dúró ni, àbí nǹkan kan wà tí mo ṣe tì?

Sùúrù_Lérè · 9:31

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Própágéṣọ̀n nìyẹn. Kó ṣí níbì kan kó má ṣí níbòmíràn, àmì rẹ̀ gan-an nìyẹn: ìròyìn ṣì ń rìn káàkiri ayé. Tèmi gba odidi ọjọ́ 3 nígbà kan. Ẹ nu káàṣì bíráósà yín, kí ẹ sì ṣe èyí bó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò:

```
ipconfig /flushdns
```

Bó bá tún ṣorí kunkun, ẹ yí DNS kọ̀ǹpútà yín sí 8.8.8.8. Á ṣí.

Ìyá_Àdìrẹ · 9:58

Ọmọ mi ti bá mi ṣe méjèèjì láti àná. Kò ṣí. 8.8.8.8 náà kò ṣí i.

Ọ̀gá_Wáyà · 10:20

Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é.

Sùúrù_Lérè, ọ̀rọ̀ rẹ kò burú tán, àmọ́ kò sí ìròyìn kankan tó ń rìn káàkiri. Kò sẹ́ni tó ń gbé e kiri. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé DNS nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan máa ń béèrè àdírẹ́sì nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ ṣí sáìtì, á wá tọ́jú èsì náà sọ́wọ́ sínú káàṣì fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n kọ mọ́ ọn. Bí iye yẹn bá tán, á da èsì náà nù, á tún béèrè. Iye tí àwọn tó ń tọ́jú .com ń kọ mọ́ nẹ́mùsáfà orúkọ gbogbo wa ni 172800. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé wákàtí 48 ni. Ibẹ̀ ni "ẹ dúró wákàtí 48" ti wá, họ́ósìtì yín kò lè dín in kù, ẹ̀yin náà kò lè dín in kù.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Kódà bó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 1 ṣáájú kí ẹ tó yí i ni DNS kan béèrè, aago 2 Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó da ti àtijọ́ nù. Òní ti di Àbámẹ́ta. Ẹ sì ní Ọjọ́bọ̀ gan-an ló kú. Ìyẹn kò ṣèèṣì o.

Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú: ẹni tó ń dúró de káàṣì máa ń rí ilé àtijọ́ tàbí kó rí ilé tuntun. Kì í bá òfìfo pàdé. Àfi bí àwọn họ́ósìtì àtijọ́ bá yọ orúkọ yín dànù lọ́jọ́ tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ wọn, nígbà náà ni ẹni tí káàṣì rẹ̀ kò tíì tán á kan ilẹ̀kùn tí kò ní sẹ́ni tó máa dáhùn. Ìyẹn náà sì yẹ kó ti parí ní Ọjọ́bọ̀.

Nítorí náà ẹ jẹ́ ká béèrè níbi tí kò sí káàṣì. Ẹ ṣí `cmd`. Mo fi example.com dípò orúkọ yín, mo fi example.net dípò ti họ́ósìtì tuntun. Ẹ fi tiyín sí i, ẹ má sì kọ orúkọ gidi síbí bí ẹ kò bá fẹ́.

```
nslookup -type=NS example.com. a.gtld-servers.net
nslookup example.com. ns1.example.net
```

Èyí àkọ́kọ́ ń bi ọ̀kan nínú sáfà 13 tó ń tọ́jú .com fúnra rẹ̀. Bó bá dárúkọ nẹ́mùsáfà àtijọ́, àyípadà yín kò tíì kúrò níbi tí ẹ ti ra orúkọ, ẹ lè dúró títí ọdún á fi yípo. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀, lẹ́tà kan péré, ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí i. Èkejì ń bi họ́ósìtì tuntun ní tààrà. Bó bá ní `Query refused`, wọn kò tíì ṣí fáìlì fún orúkọ yín. Bó bá fún yín ní àdírẹ́sì tí kì í ṣe tiyín, rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ ṣì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí dídúró ń wò sàn.

Ẹ má fo àmì ìdánudúró tó wà lẹ́yìn .com yẹn o. Windows lè lẹ orúkọ mìíràn mọ́ ọn lẹ́yìn bí ẹ kò bá fi sí i, ẹ ó sì máa lé ẹran tí kò sí nínú igbó.

Ìyá_Àdìrẹ · 10:47

Ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́. Ohun tó mú wá rèé, mo ti pààrọ̀ orúkọ bí ẹ ṣe wí:

```
example.com     nameserver = ns1.example.net
example.com     nameserver = ns2.example.net

Name:    example.com
Address:  203.0.113.25
```

203.0.113.25 yẹn ló wà nínú ímeèlì tí wọ́n kọ sí mi. Ṣé kò sí àṣìṣe níbẹ̀ nìyẹn?

Sùúrù_Lérè · 10:52

Ẹ ò rí i? Nẹ́mùsáfà pé, àdírẹ́sì pé. Sùúrù ló kù.

Tísà_Ìṣẹ́yìn · 11:05

Ẹ kú àdúrótì ara wa o. Èmi náà wà nínú irú wàhálà yìí. Mo yí nẹ́mùsáfà ilé-ẹ̀kọ́ wa padà, sáìtì ṣí dáadáa, àmọ́ ímeèlì kò wọlé mọ́ láti ọjọ́ 6. Mo ń dúró bíi ti mà. Ṣé àìsàn kan náà ló ń ṣe wá?

Ọ̀gá_Wáyà · 11:24

Rárá, sà. Tiyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídúró rárá. Bí sáìtì bá ti ń ṣí níbi tuntun, a jẹ́ pé nẹ́mùsáfà tuntun ni gbogbo ayé ń bi léèrè. Ẹni tó fẹ́ kọ ímeèlì sí yín débẹ̀, ó wá MX, rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń sọ ibi tí ímeèlì yín ń wọlé sí, kò rí i. Yíyí nẹ́mùsáfà padà dà bí kéèyàn pààrọ̀ ìwé gbèsè: gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́, inú ti àtijọ́ ló kù sí, àfi èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín dà kọ. Ẹ béèrè báyìí:

```
nslookup -type=MX example.com. ns1.example.net
```

Bí kò bá mú orúkọ sáfà ímeèlì kankan wá, ẹ lọ kọ ọ́ síbẹ̀ lónìí. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù TXT tó wà nínú ìwé àtijọ́ náà, tó ń jẹ́rìí sí ímeèlì yín, ẹ dà wọ́n kọ.

Mà, ẹ padà wá. Ohun tó dá mi dúró nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé 8.8.8.8 kò ṣí i. Google ló ni ín, kì í fi èsì pamọ́ ju iye tí wọ́n bá kọ mọ́ ọn lọ. .com sì mọ nẹ́mùsáfà yín tuntun, họ́ósìtì yín mọ àdírẹ́sì, kí ló wá dé tí Google kò mọ̀ ọ́n? Ẹ ṣí èyí lórí fóònù, nínú bíráósà:

```
https://dns.google/resolve?name=example.com&type=A
https://dns.google/resolve?name=example.com&type=A&cd=1
```

Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé `Status`. 0 ni pé ó gba èsì láìsí ìjà. 3 ni pé wọ́n ní kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀. 2 ni pé ó béèrè, àmọ́ kò rí èsì tó lè fọkàn tán. Ẹ sọ ti méjèèjì fún mi.

Ìyá_Àdìrẹ · 11:51

Èkíní: `"Status": 2`, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí mo rí `DNSSEC` nínú rẹ̀. Èkejì: `"Status": 0`, 203.0.113.25 sì wà nísàlẹ̀. Orúkọ kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà! Irú kí lèyí?

Ọ̀gá_Wáyà · 12:10

Ọwọ́ bà á. `cd=1` túmọ̀ sí "má yẹ òǹtẹ̀ wò". Bí ó bá yẹ òǹtẹ̀ wò, ó kọ̀. Bí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbà. Òǹtẹ̀ ni wàhálà yín.

Àlàyé rẹ̀ rèé. Nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ họ́ósìtì àtijọ́, ẹnìkan tan DNSSEC fún orúkọ yín, bóyá àwọn fúnra wọn, bóyá ẹni tó kọ́ sáìtì náà fún yín. Láti ọjọ́ náà ni họ́ósìtì àtijọ́ ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ gbogbo èsì, tí àpẹẹrẹ òǹtẹ̀ náà sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú .com. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbé àpẹẹrẹ yẹn ni DS. Ẹ kó kúrò, ẹ yí nẹ́mùsáfà, ṣùgbọ́n ẹ kò yọ DS. Họ́ósìtì tuntun kì í lu òǹtẹ̀ kankan. .com ṣì ń wí fún gbogbo ayé pé ẹnikẹ́ni tó bá mú èsì orúkọ yìí wá láìsí òǹtẹ̀ yẹn, irọ́ ló ń pa.

8.8.8.8 máa ń yẹ òǹtẹ̀ wò, 1.1.1.1 ti Cloudflare náà bẹ́ẹ̀. Ó dájú pé ti wáìfáì ṣọ́ọ̀bù yín àti ti àbúrò yín ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ti dátà fóònù yín ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ rí i bó ṣe jọ própágéṣọ̀n? Ibì kan ṣí, ibì kan kò ṣí. Ẹ sì tún wo Ọjọ́bọ̀ yẹn. Kó tó dìgbà náà, nẹ́mùsáfà àtijọ́ ló ṣì wà lọ́wọ́ wáìfáì yín, òǹtẹ̀ wà lára èsì rẹ̀, ó ń ṣí. Wákàtí 48 pé, ó lọ bá tuntun, kò rí òǹtẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní kí ẹ dúró, ẹ máa dúró títí ni.

Kó lè dá yín lójú, ẹ ṣí èyí. Bí ẹ bá rí `"type": 43` lábẹ́ `Answer`, DS náà wà ńbẹ̀:

```
https://dns.google/resolve?name=example.com&type=DS
```

Kì í ṣe họ́ósìtì tuntun ló máa yọ ọ́. Ibi tí ẹ ti ra orúkọ ni. Ẹ wọ àkáǹtì yín níbẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DNSSEC sí, kí ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Àwọn mìíràn máa ń fi ibẹ̀ pamọ́ bí nẹ́mùsáfà bá ti jẹ́ ti ìta. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ DS orúkọ yín kúrò ní .com. Ẹ dárúkọ DS o, bí ẹ bá kàn ní sáìtì kò ṣí, wọ́n á tún ní kí ẹ dúró.

Sùúrù_Lérè · 12:22

Yéè! Áà, a jẹ́ pé 8.8.8.8 tí mo ní kí mà lò gan-an ló ń tilẹ̀kùn. Ẹ má bínú, mà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, tèmi tó gba ọjọ́ 3, tó sì ṣí fúnra rẹ̀ ńkọ́? N kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Dẹ́jì_Kóòdù · 12:40

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Irú ọjọ́ 3 yẹn sábà máa ń wá láti inú fáìlì àtijọ́ tí ẹ fi sílẹ̀. Nínú fáìlì yẹn, họ́ósìtì àtijọ́ dárúkọ ara rẹ̀ ní nẹ́mùsáfà. Àwọn DNS kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú fáìlì yẹn ni wọ́n ń tẹ̀lé ju ti .com lọ. Kí àsìkò rẹ̀ tó pé, wọ́n ti tún lọ bi í, ó tún ti dárúkọ ara rẹ̀, wọn kò ní rántí bi .com. Ìyẹn ni mo fi máa ń pa fáìlì àtijọ́ rẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá yí i.

Ọ̀gá_Wáyà · 12:58

Ohun tó fà á tọ̀nà, àtúnṣe rẹ̀ ni n kò fara mọ́. Bí o bá pa á rẹ́ lọ́jọ́ kìíní, àwọn tí nẹ́mùsáfà àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn kò ní rí nǹkan kan títí wákàtí 48 wọn á fi pé. Èmi á wọ inú fáìlì àtijọ́, máa yí àdírẹ́sì àti orúkọ nẹ́mùsáfà inú rẹ̀ sí ti tuntun, máa wá pa á rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ibi yòówù kí wọ́n béèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á gbọ́.

Dẹ́jì_Kóòdù · 1:06

Họ́ósìtì mélòó ló máa jẹ́ kí o fọwọ́ kan NS nínú pánẹ́ẹ̀lì wọn? Nínú èyí tí mo ti lò, èyí tó gbà kò tó ìlàjì. Kí sáìtì kú fún ọjọ́ 2 tí mo mọ ìparí rẹ̀ sàn fún mi ju kí oníbàárà kan máa rí iye ọjà àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ọ̀gá_Wáyà · 1:11

Ti pánẹ́ẹ̀lì yẹn, òótọ́ ni. Ti kí sáìtì kú ọjọ́ 2, lọ sọ fún ẹni tó ń tajà lórí ẹ̀.

Sùúrù_Lérè, n kò lè sọ ohun tó ṣe tìrẹ lẹ́yìn tó ti lọ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, wo `TTL` nínú èsì, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Béèrè lọ́wọ́ DNS kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bí nọ́ńbà náà bá dín ní nǹkan bí 60, èsì inú káàṣì lò ń rí, nọ́ńbà tó kù sì ni iye tí o máa dúró. Bó bá jẹ́ pé odidi iye náà ló ń padà wá ní gbogbo ìgbà, o ń bá ẹni tó ni èsì sọ̀rọ̀ ní tààrà, ohun tó wí ni wọ́n kọ sílẹ̀. Lórí ti Google, nọ́ńbà náà lè máa fò sókè fò sílẹ̀, torí ẹ̀rọ púpọ̀ ló wà lẹ́yìn 8.8.8.8, kálukú pẹ̀lú káàṣì tirẹ̀. Ìyẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ìyá_Àdìrẹ · 4:40 ìrọ̀lẹ́

`"type": 43` wà níbẹ̀ lóòótọ́! Mo wọ àkáǹtì mi, n kò rí DNSSEC níbì kankan. Mo kọ̀wé sí wọn bí ẹ ṣe wí, wọ́n fèsì pé àwọn ti yọ ọ́ ní 3:15. Mo tún wò ó báyìí, `"Status": 2` ló ṣì ń sọ. Ẹ̀rù tún ń bà mí.

Ọ̀gá_Wáyà · 4:53

Ẹ má bẹ̀rù. Dídúró gidi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí, kò sì pẹ́. Iye tí .com ń kọ mọ́ DS ni 86400, wákàtí 24 nìyẹn. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ lóòótọ́, ó pẹ́ tán, nǹkan bí 3:15 ọ̀sán ọ̀la. Àmọ́ ká kọ́kọ́ rí i dájú. Ẹni tó bá ní `dig` lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó bá mà wò ó:

```
dig +short DS example.com @a.gtld-servers.net
```

Dẹ́jì_Kóòdù · 5:10

Mà fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo wò ó, kò mú nǹkan kan wá. Ó ti kúrò ní .com.

Mà, ẹ kò ní láti dúró de Google di ọ̀la. Ẹ lọ sí `dns.google/cache`, ẹ kọ orúkọ yín, ẹ yan `DS`, kí ẹ ní kó nù ún. 1.1.1.1 náà ní tirẹ̀, `one.one.one.one/purge-cache`. Ti wáìfáì ṣọ́ọ̀bù yín ni kò sí bọ́tìnnì fún, kó lo àsìkò rẹ̀ pé.

Ìyá_Àdìrẹ · Àìkú, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Bí mo ṣe nù ún báyìí ni Google sọ `"Status": 0`. Àbúrò mi pè mí ní nǹkan bí aago 11 alẹ́ pé ó ti ṣí fún òun. Wáìfáì ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí nígbà tí mo tì í lánàá, n kò sì ní lọ síbẹ̀ lónìí.

Tísà_Ìṣẹ́yìn · 8:30

Ẹ bá mi yọ̀. Kò sí MX kankan níbẹ̀ lóòótọ́, mo kọ ọ́ sí i lálẹ́ àná, ímeèlì àwọn òbí ti ń wọlé. Èyí tí mo ń kọ jáde ló ń lọ sínú àpò pàǹtírí wọn.

Ọ̀gá_Wáyà · 9:02

Àwọn TXT tí mo ní kí ẹ dà kọ ńkọ́, sà?

Tísà_Ìṣẹ́yìn · 9:15

Họ́ósìtì àtijọ́ ti ti àkáǹtì mi. N kò mọ ohun tó wà nínú wọn.

Ọ̀gá_Wáyà · 9:21

Ẹ bi àwọn tó ń bá yín gbé ímeèlì, àwọn ló mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ìjíròrò tiyín, ká tẹ̀lé e níbẹ̀.

Ìyá_Àdìrẹ · Ajé, 8:48 àárọ̀

Wáìfáì ṣọ́ọ̀bù ti ṣí! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin Ọ̀gá pàápàá. Ìbéèrè kan ló kù: òǹtẹ̀ tí a yọ yìí, ṣé kí n ní kí àwọn tuntun tún fi sí i?

Ọ̀gá_Wáyà · 9:30

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lu òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá ń lù ú, kí wọ́n tàn án lọ́dọ̀ tiwọn ná, kí wọ́n wá fún yín ní DS tiwọn, ìgbà náà ni kí ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ ti ra orúkọ. Bí DS bá ṣáájú òǹtẹ̀ débẹ̀, Ọjọ́bọ̀ tó kọjá á tún padà wá bá yín.